Ojú Owó Kẹ́ẹ̀gì Epo Kan
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Àjàgbà nílé àti lẹ́yìn odi

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìṣirò òwò, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni a ń ṣe. Bí a bá ní kí a kó gbogbo ìṣirò òwò jọ, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níbí. Nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ni a mú wá: bí ènìyàn bá ra irú ọjà kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí iye owó rẹ̀ kò sì dọ́gba ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èló ni ojú owó ẹyọ kan nínú rẹ̀?

Epo pupa ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni gbogbo ilé mọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún ni eyìn máa ń pọ̀ jù lórí ọ̀pẹ, epo a sì gbà fún ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́. Bí òjò bá ti ń jìnnà lọ, eyìn a dínkù, epo a sì gun orí òkè. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń ra epo pamọ́ nígbà tí ó pọ̀, kí wọ́n lè tà á nígbà tí ó wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó ni ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún irú òwò yìí, tí ẹ sì ń retí ìpín yín nínú èrè. Nígbà tí a bá wá tà á tán, ọmọ yóò ní èrè kò lè kéré tó báyìí; ìyá yóò sì ní kò sí èrè kankan níbẹ̀, òun kàn ṣe wàhálà lásán ni. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé wọn kò ka ojú owó kẹ́ẹ̀gì kan sí bákan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn baba wa kò mọ ìṣirò. Ní 1949 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ríra epo àti èkùrọ́ tí a ń kó lọ sí òkèèrè, ìgbìmọ̀ náà ni ó sì ń dá iye owó fún àsìkò. Ẹni tí ó bá ń kó epo fún wọn mọ iye tí yóò gbà kí ọjọ́ tó pé. Ní 1986 ni ìjọba pa irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà náà, ọjà fúnra rẹ̀ ni ó ń dá iye owó, kò sì dá a lẹ́ẹ̀kan kí ó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá oníṣòwò kan. A ó pè é ní Ìyá Elépo. Àwa ni a yan iye owó tí a ó dá, kí ìṣirò lè rọrùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n ná ọjà lọ́la. Ní oṣù kẹta, Ìyá Elépo ra kẹ́ẹ̀gì 50, èyí tí ó ń gba lítà 25, ní ₦20,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin ó ra 30, ṣùgbọ́n owó ti di ₦24,000. Ní oṣù keje ó ra 20 sí i, ó sì ti di ₦32,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 100.

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ohun tí kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́, wọn yóò kó iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, 20,000 àti 24,000 àti 32,000, wọn yóò pín in sí mẹ́ta, wọn yóò sì dáhùn pé ₦25,333. Ìdáhùn náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí kẹ́ẹ̀gì kan bá jẹ́ ₦25,333, a jẹ́ pé 100 yóò jẹ́ ₦2,533,300. Ẹ wá wo owó tí ó jáde lápò Ìyá Elépo ní tòótọ́. Rírà kìíní gba ₦1,000,000. Rírà kejì gba ₦720,000. Rírà kẹta gba ₦640,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,360,000. Níbo ni a ti rí owó tí ó lé ní ₦173,000 tí ìdáhùn yẹn fi kún un? Kò sí níbìkan.

Àṣìṣe náà ni pé wọ́n fún kẹ́ẹ̀gì 20 tí ó wọ́n ní ohùn kan náà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì 50 tí ó gbà. Iye owó mẹ́ta ni wọ́n pín. Kì í ṣe owó tí a ná ni wọ́n pín. Àròpín tí ó tọ̀nà ni pé kí a ro gbogbo owó tí a ná pọ̀, kí a sì pín in fún gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí a rà. ₦2,360,000 tí a pín fún 100 jẹ́ ₦23,600. Èyí ni ojú owó kẹ́ẹ̀gì kan.

Ọ̀nà méjì ni ẹ lè fi mọ̀ bóyá ìdáhùn yín tọ̀nà. Èkínní, ẹ fi ojú owó náà sọ iye kẹ́ẹ̀gì di púpọ̀; ó gbọ́dọ̀ padà sí owó tí ẹ ná gan-an. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ wà láàrin iye tí ó kéré jù àti iye tí ó ga jù, kí ó sì fà sí ọ̀dọ̀ iye tí ẹ fi ra èyí tí ó pọ̀ jù. ₦23,600 fà sí ìsàlẹ̀, nítorí pé epo olówó pọ́ọ́kú ni ó pọ̀ jù nínú àká Ìyá Elépo.

Ẹnìkan lè sọ pé kò burú bí a bá ka ojú owó sí i ju bí ó ti rí lọ, nítorí pé a kò ní tà á ní ẹ̀dínwó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí oníbàárà bá fún Ìyá Elépo ní ₦25,000, tí ó sì gbà pé ₦25,333 ni òun rà á, yóò lé e lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni èrè ₦1,400 wà lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ibi tí ewu gan-an wà ni ìdàkejì rẹ̀. Ká ní Ìyá Elépo kò ní owó lọ́wọ́ ní oṣù kẹta, tí ó ra 20 péré ní ₦20,000. Ó ra 30 ní ₦24,000. Nígbà tí owó ọmọ rẹ̀ dé ní oṣù keje, ó wá ra 50 ní ₦32,000. Iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí padà, nítorí náà ẹni tí ó ń pín in sí mẹ́ta yóò tún sọ pé ₦25,333. Ṣùgbọ́n owó tí ó ná jẹ́ ₦400,000, ₦720,000 àti ₦1,600,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,720,000, ojú owó kẹ́ẹ̀gì kan sì jẹ́ ₦27,200. Bí ó bá ń tà á ní ₦26,500, inú rẹ̀ yóò máa dùn pé òun ń jẹ èrè tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún náírà lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rí i? Ó ń pàdánù ₦700 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi ta 100 tán, ₦70,000 ti lọ nínú owó òwò rẹ̀, kò sì sí olè tí ó wọlé. Irú èyí ni àwọn ènìyàn wa máa ń pè ní ọwọ́ ayé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí rírà wa àkọ́kọ́, èyí tí ojú owó rẹ̀ jẹ́ ₦23,600. A kò tíì kà á tán. Epo kì í fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé. Owó ọkọ̀ àti owó alábàárù jẹ́ ₦300 fún kẹ́ẹ̀gì kan ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ó sì di ₦800 ní oṣù keje nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́. Fún kẹ́ẹ̀gì 80 àkọ́kọ́, ó jẹ́ ₦24,000. Fún 20 tí ó kẹ́yìn, ó jẹ́ ₦16,000. Ẹ fi ₦40,000 yìí kún ₦2,360,000, ó di ₦2,400,000. Ojú owó kẹ́ẹ̀gì kan ti kúrò ní ₦23,600, ó ti di ₦24,000. Gbogbo owó tí a ná kí ọjà tó dé ibi tí a ó kó o sí, nínú ojú owó ni ó wà. Owó tí a ná láti tà á, bí owó ọkọ̀ tí a fi gbé e fún oníbàárà, kò sí níbẹ̀. Inú èrè ni a ó ti yọ ìyẹn.

Bákan náà, epo kì í pé bí a ti kó o pamọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi tí ẹni tí ó ṣe é kò sè gbẹ yóò yà sọ́tọ̀, kẹ́ẹ̀gì kan lè máa jò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Ìyá Elépo fẹ́ tà á, ó fi epo kún àwọn tí ó rẹlẹ̀, ó sì rí i pé 96 ni ó kún dáradára. Owó tí ó ná kò dínkù nítorí pé epo dínkù. ₦2,400,000 náà ni a ó pín fún 96, ojú owó kẹ́ẹ̀gì kan yóò sì jẹ́ ₦25,000. Ẹ wo bí ó ti gòkè láti ₦23,600, tí ẹnikẹ́ni kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ tí ó wà ní Èkó bá ń fi ₦23,600 ṣe ìṣirò, tí ìyá rẹ̀ sì ń fi ₦25,000 ṣe tirẹ̀, wọn yóò jà lórí ₦1,400 fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sí àdánù. Èyí tí ó jẹ́ ìṣe epo, tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, ni a ń pín fún àwọn tí ó kù. Bí olè bá kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lọ, tàbí iná bá jó wọn, a kò ní pín ìyẹn mọ́ epo yòókù. Òfò ni, a ó kọ ọ́ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfò. Bí a bá pín in mọ́ epo tí ó kù, yóò dàbí ẹni pé epo wa wọ́n ju ti gbogbo ọjà lọ, a kò sì ní mọ̀ pé ilẹ̀kùn àká ni ó yẹ kí a tún ṣe.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi iye owó kan náà ránṣẹ́ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fi ₦480,000 ránṣẹ́ ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, epo 24 ni yóò rà ní ₦20,000, 20 ni yóò rà ní ₦24,000, 15 ni yóò sì rà ní ₦32,000. Ẹ ti ná ₦1,440,000 lórí kẹ́ẹ̀gì 59. Ojú owó ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní ₦24,400. Nítorí pé owó yín ń ra púpọ̀ nígbà tí epo gbà, tí ó sì ń ra díẹ̀ nígbà tí ó wọ́n, ojú owó yín kò ní tó ₦25,333 láéláé. Bí ẹni tí ó wà nílé bá wá sọ fún yín pé 25,333 ni, ẹ rọra bi í léèrè bí ó ti ṣe é.

Títí di ìsinsìnyí a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ìyá Elépo kó gbogbo epo jọ kí ó tó ta ọ̀kan. Òwò kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ọkọ̀ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ojú wa lè mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rírà kejì, ó ní kẹ́ẹ̀gì 80, ó sì ti ná ₦1,720,000. Ojú owó jẹ́ ₦21,500. Ní oṣù kẹfà ó ta 40 ní ₦26,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦4,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ₦180,000. Ó ku 40 tí ojú owó wọn jẹ́ ₦860,000. Ní oṣù keje ó ra 20 ní ₦640,000. Ní báyìí ó ní 60, ojú owó gbogbo wọn jẹ́ ₦1,500,000, èyí ni ₦25,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀nà yìí, gbogbo ìgbà tí a bá ra ọjà tuntun ni a ń tún àròpín ṣe. Títà kì í yí i padà, rírà ni ó ń yí i padà.

Ẹlòmíràn yóò dúró títí ìparí àsìkò, yóò ro gbogbo rírà pọ̀, yóò sì lo ₦23,600 fún gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, èrè orí 40 tí a tà ní oṣù kẹfà yóò jẹ́ ₦96,000, kì í ṣe ₦180,000. Nígbà tí a bá ta gbogbo epo tán, ọ̀nà méjèèjì yóò mú èrè kan náà jáde, nítorí pé owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn márùn-ún ni wọ́n dá owó náà jọ, tí ọ̀kan sì fẹ́ gba tirẹ̀ kí ó jáde ní oṣù kẹjọ, ìyàtọ̀ ₦84,000 wà láàrin ọ̀nà méjèèjì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ ń dá owó òwò, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ ó lò sínú ìwé kí ẹ tó ra kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, kì í ṣe nígbà tí ẹnìkan bá ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

A rí ọwọ́ ìyá wa kan tí ó nà sókè. Wọ́n ní, “Tíṣà, èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni mo kọ́kọ́ ń tà. Kí ni mo fẹ́ fi àròpín ṣe?” Ìyá wa, ẹ ṣeun. Bí ẹ bá to kẹ́ẹ̀gì yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ sì sàmì sí ti oṣù kẹta àti ti oṣù keje, ohun tí ẹ wí tọ̀nà. 50 àkọ́kọ́ ni ẹ ó kà sí ₦20,000, kí ẹ tó bọ́ sórí ₦24,000. Òfin ìṣirò tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tẹ̀lé káàkiri ayé, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wa ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ní 2012, gba ọ̀nà tiyín, ó sì gba àròpín pẹ̀lú fún ọjà tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Èyí tí kò gbà ni pé kí a máa ṣe bí ẹni pé èyí tí a rà kẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń tà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da epo oṣù kẹta àti ti oṣù keje pọ̀ sínú àgbá kan, ta ni yóò yà wọ́n? Àròpín ni ó bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ mu jù lọ.

Ohun kan ṣẹ́ kù, òun ni ó sì wúwo jù lọ. Ojú owó ń sọ ohun tí a ti ná. Kò sọ ohun tí a ó ná bí a bá tún padà sọ́jà. Ẹ rántí 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ní oṣù kẹfà sì ni wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lójú dọ́là. Owó ọkọ̀ gòkè, ohun gbogbo sì tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a fi Ìyá Elépo sínú irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ó ní kẹ́ẹ̀gì 96 tí ojú owó wọn jẹ́ ₦25,000. Ó tà wọ́n ní ₦30,000, ó sì gba ₦2,880,000. Ó yọ ₦2,400,000 tí ó ná, ó rí èrè ₦480,000. Ìṣirò rẹ̀ pé, kò sí àléébù nínú rẹ̀. Ó fi èrè náà san owó ilé ìwé ọmọ. Nígbà tí ó padà sọ́jà, wọ́n ní kẹ́ẹ̀gì kan ti di ₦40,000. ₦2,400,000 tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra 60 péré. Kódà bí kò bá fọwọ́ kan èrè, 72 ni gbogbo owó náà ìbá rà. Ẹni tí ó ti ní 96 kò lè ní 96 mọ́.

Èyí kò sọ pé àròpín purọ́. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n. Bí a bá fẹ́ mọ èrè tí a jẹ, kí a sì pín in láìjà, ojú owó ni a ó lò. Bí a bá fẹ́ mọ iye tí a ó tà á, a gbọ́dọ̀ bi ọjà léèrè ní àárọ̀ ọjọ́ náà iye tí a ó fi ra òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ìwé oníṣòwò epo kò gbọdọ̀ ṣàì ní ìlà wọ̀nyí: ọjọ́ tí a rà á, iye kẹ́ẹ̀gì àti bí kẹ́ẹ̀gì náà ti tóbi tó, owó tí a san, owó ọkọ̀, àti iye tí ó kún nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a fi lẹ́ẹ̀dì kọ iye owó ọjà ti ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, nítorí pé yóò yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. A ti ya irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan, ó wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè dà á kọ.